Mo Sọ Ẹ̀yìnkùlé Mi Di Bíríkì

Ẹni tó bá ní kí n fi ibi tí owó mi wọlẹ̀ sí han òun, ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn ni mo máa mú un lọ, torí inú ilẹ̀ ló wà lóòótọ́. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, bàtà tó bá wọ̀ ọ́ kì í bá ẹsẹ̀ jáde. Bí ọyẹ́ bá dé, á là débi pé ọwọ́ ọmọdé á wọ ojú ibi tó là. Èmi tí mo fẹ́ gbin ewédú àti tòmátì síbẹ̀ wá rò ó pé ọ̀rọ̀ náà ò le rárá: amọ̀ ń dì, yanrìn kì í dì, ẹ jẹ́ ká pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n pàdé láàrin. Mo ní kí wọ́n gbé yanrìn wá.

Màmá kan tó ń gbin ewébẹ̀ tà létí odò ìsàlẹ̀ ilé wa ń kọjá lọ nígbà tí ọkọ̀ ń da yanrìn náà sílẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wo òkìtì, wọ́n wá wò mí.

"Ẹ kú ìnáwó o, Bàbá Ìbejì. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé sí i ni?"

Mo ní rárá, ma, ilẹ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe. Wọ́n ní, "Háà, ilẹ̀ á gbọ́ o," wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni lọ́jọ́ tí mo pò ó. Ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́, inú mi sì ń dùn pé ó rọ̀. Oòrùn pa á fún ọjọ́ díẹ̀, mo gbé ọkọ́ sọ ọ́, ọkọ́ ta padà sí mi. Hóró yanrìn tóbi, hóró amọ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Bí yanrìn ò bá pọ̀ tó, ńṣe ni amọ̀ máa kó sínú gbogbo àlàfo tó wà láàrin hóró yanrìn, á sì dì wọ́n mú pinpin. Kí yanrìn tó lè ṣe amọ̀ lóore, ó máa tó ìlàjì gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ó kéré tán. Bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 1, tí èèyàn fẹ́ tún ṣe wọlẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 20, á gba nǹkan bíi báárò yanrìn 6. Báárò kọ̀ọ̀kan ni èmi dà sí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo ara mi bí ọ̀làwọ́ ńlá.

Ríro tí mo ro ó ní tútù tún dá kún un. Amọ̀ tútù tí ọkọ́ bá ń lọ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà á dí pátápátá. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó ro nìyí: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, ẹ fi ìka tì í. Bó bá fọ́ wúruwùru, ẹ máa ro ó. Bó bá jẹ́ ojú ìka nìkan ló hàn lára rẹ̀, ẹ padà sílé lọ jẹun.

Ẹnì kan tó ti ṣubú báyìí yẹ kó bèèrè ọ̀nà. Èmi gba sọ́míìlì lọ. Ìyẹ̀fun pákó pọ̀ níbẹ̀ nílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, mo kó o ní àpò, mo ro ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ewédú hù. Lẹ́yìn náà ni ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, pípọ́n náà sì ń gun òkè. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ igi nínú ilẹ̀ nílò náítírójìn láti fi jẹ ẹ́, náítírójìn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára pákó rárá. Wọ́n bá lọ ń gba ti inú ilẹ̀, èyí tí ewédú ì bá jẹ.

Mo gbọ́ náítírójìn, mo rántí ìgbẹ́ adìẹ. Mo gbé e wá láti ibi tí wọ́n ti ń sin adìẹ, tútù nini, mo wọ́n ọn sí ìdí ewédú tó kù. Òórùn rẹ̀ ń ta sí ojú bí àlùbọ́sà. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá Ìbejì, ṣé ewébẹ̀ lẹ ń gbìn ni àbí òkú lẹ fẹ́ sin?" Kò pẹ́ tí ó fi di òkú lóòótọ́. Etí ewé kọ́kọ́ jó, ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá màmá létí odò. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n ní, "Kò sí èyí tó burú nínú ohun tẹ́ ẹ kó wá. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn tán kẹ́ ẹ tó kó wọn wọlẹ̀ ni."

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Agbọ̀n ewé gbígbẹ 3, tí mo bu ìyẹ̀fun pákó díẹ̀ sí, agbọ̀n ìgbẹ́ adìẹ pẹ̀lú èèpo iṣu àti ewé tútù 1, lórí ara wọn títí ó fi tó mítà 1 ní gíga, ní gígùn, ní fífẹ̀. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ kì í gbóná dáadáa. Mo ń wọ́n omi sí i níwọ̀nba: bí mo bá fún un lọ́wọ́, ẹ̀kán kan tàbí méjì ló gbọ́dọ̀ jáde. Mo ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, mo fà á yọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo fi ọwọ́ lásán dì í mú, mo sì sọ ọ́ nù pẹ̀lú ariwo. Ààtàn tó bá jó dáadáa máa ń gbóná dé ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì 55 sí 65. Bó bá ti ń tutù, mo ń yí i. Nígbà tí mi ò mọ èwo ni ewé èwo ni èèpo nínú rẹ̀ mọ́, tó dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ pa, mo mọ̀ pé ó jinná.

Mo tẹ́ ẹ sórí amọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, mo pò ó wọlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń fọ́ wúruwùru. Mo gbin tòmátì, mo fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ kí òjò má baà lù ú pa. Mo tún ṣi ibẹ̀ náà ṣe: mo kó koríko mọ́ tòmátì lọ́rùn, ìdí rẹ̀ rà, ikán sì bá mi jẹ nínú rẹ̀. Àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló yẹ kó wà yípo igi tòmátì. Koríko náà sì ti so èso kí n tó gé e, gbogbo èso yẹn ló hù.

Ṣùgbọ́n omi òjò kì í dúró lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ekòló sì ti ń da ìgbẹ́ tiwọn sójú ilẹ̀. Àna mi tó ń gbé ní Àjà, tí ilẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ yanrìn gbáà, ń lo irú ààtàn kan náà. Tiẹ̀ ń di omi mú, tèmi ń jẹ́ kó lọ. Oòrùn wa yìí máa ń jẹ ààtàn tán kíákíá, nítorí náà gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ gbìn la gbọ́dọ̀ da tuntun sí i. Wàhálà mi báyìí ni èèpo iṣu. Ewúrẹ́ àdúgbò ti ń jẹ tilé wa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, olówó ẹ̀ sì ti wá bá mi pé kí ló dé tí mo fi ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹran òun.