Oríkì Orúkọ Oní-lẹ́tà Mọ́kàndínlógójì

Ìfẹ́lódùn Ọmọ Ìyá Yunáítẹ́dì Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá Òjé, mo kí ọ! Ǹ bá kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, èémí mi ni kò tó o.

A-gùn-bí-ọjọ́-ààwẹ̀. A-gba-àyà-má-gba-ife-ẹ̀yẹ. Orúkọ tí rẹfirí ń kọ sínú ìwé tí bíírò fi gbẹ. Orúkọ tí a ń fi kígbe pe ẹgbẹ́ ẹni, kí a tó pè é tán, wọ́n ti jẹ wá ní góòlù kan.

Ta ló bí ọ? Kì í ṣe ẹnìkan. Ìpàdé ló bí ọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lórí bẹ́ǹṣì, ní àgbàlá Bàbá Alága. Bàbá ló ra bọ́ọ̀lù fún wa, bí wọ́n sì ti ní ìfẹ́ lódùn, ta ni yóò ní kò dùn? Kóòṣì ní ọmọ ìyá ni gbogbo wa, Ọmọ Ìyá kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ́ tí kò bá ní Yunáítẹ́dì lẹ́yìn, ẹgbẹ́ èsúsú ni wọn yóò pè é. Tíṣà ní Yunáítẹ́dì lásán kò tó, kí wọ́n má baà rò pé bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá là ń gbá, kí a ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ la fi ń gbá a. Èmi tí mò ń kì ọ́ yìí ni mo ní kí Òjé wà níbẹ̀, kí ẹni tí a bá jẹ ní gbèsè bọ́ọ̀lù lè mọ ọ̀nà ilé wa. Gbogbo wa pátá ni ẹ̀bi rẹ wà lọ́rùn wa. Ìwọ ni ọmọ tí gbogbo mọ̀lẹ́bí sọ lórúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò yọ tirẹ̀ kúrò.

Má dá àwọn ẹlẹ́gàn lóhùn. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn kan wà, IICC Ṣútìn Sítáàsì, tó na Tonnerre ti Yaoundé ní 1976, tó sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wá sílé, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba irú ife bẹ́ẹ̀. Lónìí 3SC ni à ń pè é, àmì mẹ́ta péré. Òun gba ife, ó dín orúkọ kù. Ìwọ kò tíì gba nǹkan kan, o ò sì dín nǹkan kan kù. Akọni!

Nígbà tí mo gbé ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tẹ lẹ́tà sára jẹ́sì, ó wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ lèyí ni àbí ìwé ìkésíni?" Ó tẹ́ jẹ́sì kan sórí tábìlì, ó fa téèpù. Láti abẹ́ apá kan dé èkejì, ó tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ibi tí ó tẹ́jú láàárín àyà kò ju 30 lọ. Bí lẹ́tà bá kọjá ibẹ̀, abẹ́ apá ni yóò wọ̀, òógùn ni yóò máa kà á. Lẹ́tà rẹ jẹ́ 39, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ jẹ́ mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ 45. Bí a bá tò ọ́ sí ìlà kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò ní fẹ̀ tó mílímítà méje. Awò awọ̀nà-jíjìn ni òǹwòran yóò máa mú wá sí pápá. A bá pín ọ sí ìlà mẹ́ta, a sì tún tò ọ́ bí ẹni to ìkòkò. Lẹ́tà rẹ wá fẹ̀ súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà méjì, inú mi sì dùn.

Ìgbà náà ni ọ̀gá yìí béèrè pé, "Àmì ńkọ́?"

Ọlọ́lá, mo gbójú, mo ní kí ó fi gbogbo rẹ̀ sí i. Ṣé ọmọ Yorùbá kọ́ ni wá ni? Ó ka àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ rẹ, ó jẹ́ 26. Jẹ́sì 18 là ń ṣe. Ẹ̀rọ rẹ̀ a gé rọ́bà, òun a fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ máa ṣa èyí tí a kò fẹ́ kúrò, ó sì di dandan kí ó ṣọ́ àmì 468 kí wọ́n má baà bá pàǹtí lọ. Àmì ìsàlẹ̀ Ọ kan kò ju orí ìṣó lọ. Lẹ́yìn náà a tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ lábẹ́ irin tó gbóná tó 150, fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí lẹ́tà ńlá bá gbá aṣọ mú, kò ní tú bọ̀rọ̀, torí ara rẹ̀ gbòòrò. Àmì kékeré kò ní ara tí yóò fi di aṣọ mú; etí nìkan ló ní, etí náà ló sì kọ́kọ́ máa ń ká sókè.

A-wọ-omi-ṣe-bí-ẹni-tí-kò-wá-rí! Ìfọ̀ mẹ́ta péré. Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó nínú abọ́ ìfọṣọ bí àwọn kòkòrò dúdú. Ohun tó kù nínú Ọmọ Ìyá láyà wa ni OMO IYA. Àwọn kan kà á sí ọṣẹ ìfọṣọ ìyá wọn. Àwọn alátakò wa, tí Ọlọ́run kò fún láàánú, kà á sí ọmọ ìyà. Wọ́n wá fìyà náà jẹ wá, márùn-ún sí ọ̀kan, wọ́n sì ń kọrin rẹ̀ lójú wa pé ohun tí a kọ sáyà la rí.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ó dùn ọ́ pé a tún ṣèpàdé láìpè ọ́, láti wá orúkọ mìíràn. Gólì wa mú Ẹkùn wá. Ó ní agbára, ó ní ẹ̀rù, lẹ́tà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́n. Mo kọ EKUN gàdàgbà sórí páálí, láìsí àmì, bí yóò ti rí lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta, mo sì gbé e lọ bá Ìyá Aláta tí kò mọ nǹkankan nípa ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n wò ó, wọ́n da ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹkún? Ta ló kú?"

A dá ẹkùn padà sínú igbó. Ìgbà tí mo gbé ERIN lọ, Ìyá kà á sí ẹ̀rín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Fọganáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kà á sí erin, ó ní ẹgbẹ́ yìí á tóbi o. Mi ò tún bi ẹlòmíràn. Lẹ́tà mẹ́rin, bí ó bá tilẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà méje, àyà gbà á pẹ̀lú àyè. Erin kò sì ní àmì kankan, lórí tàbí nísàlẹ̀, tí omi yóò gbé lọ. Bí a bá borí, erin ni wá. Bí wọ́n bá nà wá, ẹ̀rín ni, a ti kọ́kọ́ rín in kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, oní-lẹ́tà mọ́kàndínlógójì? Ìwọ ṣì wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ wa, ó gba ìlà méjì. Bàbá Alága kò sì tíì gbọ́ pé a ti yí ọ padà; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì sọ fún wọn. Jẹ́sì rẹ ti pín káàkiri. Èyí tó dára jù nínú wọn wà lọ́rùn Ìyá Aláta, òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ ata láràárọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló kù láyà rẹ̀, IYA. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á padà, wọ́n ní láéláé, ṣé mi ò rí i pé orúkọ àwọn ló wà níbẹ̀ ni.