Èlùbọ́ Sùn ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìyá Sùn ní Mansẹ́sítà

Ẹ lọ dúró sí pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù n'Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wo bí àwọn èèyàn wa ṣe ń bá òṣùwọ̀n jà. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ní kílò 23, tí òṣùwọ̀n wá ní kílò 25, ogun dé nìyẹn. Wọ́n á tú àpótí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n á yọ ẹja gbígbẹ, wọ́n á wọ kóòtù mẹ́ta léra wọn nínú ooru Èkó, wọ́n á ki ègúsí bọ àpò kóòtù. Òṣìṣẹ́ tí kò ju ọmọ ọmọ wọn lọ á di "ọ̀gá mi," wọ́n á bi í léèrè ìlú rẹ̀, bóyá wọ́n á jẹ́ ìbátan. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá sì gbà tán, òṣìṣẹ́ á so bébà funfun gígùn kan mọ́ ọwọ́ àpótí, á já èyí tó kéré lára rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn páspọ́ọ̀tù. Ta ló wo bébà yẹn? Kò sẹ́nì kan. Àpótí ti wọ ihò lọ, àwọn ará ilé ti ń ya fọ́tò.

Bẹ́ẹ̀, bébà yẹn nìkan ló mọ ibi tí ẹja ń lọ. Orúkọ yín tí ẹ fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹ̀rọ kò kà á. Òróró tí pásítọ̀ fi sàmì sí i lára, ẹ̀rọ kò kà á. Àwọn ìlà dúdú tó wà lára bébà ló ń kà, àwọn ni wọ́n sì ń fún un ní nọ́ńbà tó fi ń mọ lẹ́tà mẹ́ta tó jẹ́ orúkọ pápákọ̀ tí yóò sọ àpótí sí.

Ìyá kan ládùúgbò wa ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Mansẹ́sítà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó mọ owó ṣọ́, ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fún un níbì kan, ó tún ra ti Lọ́ńdọ̀nù sí Mansẹ́sítà níbòmíràn tó dínwó, ó fi èkejì ránṣẹ́ sórí fóònù. Ní kọ́ńtà, òṣìṣẹ́ bi í pé, "Màmá, ibo lẹ ń lọ?" Ìyá ní, "Lọ́ńdọ̀nù ni, ọmọ mi." Kí ni kó tún wí? Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ ààrin pápá àgùntàn ló ń gbé, Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Bébà jáde, LHR ló wà lára rẹ̀, ìyẹn pápákọ̀ Hítírò. Ìyá dé Hítírò, ó gba iwájú àwọn aṣọ́bodè kọjá, ó tẹ̀ lé àmì àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ míràn, ó fi fóònù han wọ́n, ó wọlé. Ní Mansẹ́sítà, ó dúró ti bẹ́líìtì títí bẹ́líìtì fi dákẹ́. Èlùbọ́ àti gàrí Ìjẹ̀bú ń yí po ní Hítírò. Àwọn àná bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bàálù pé wọ́n sọ ẹrù ìyá nù. Wọn ò sọ ọ́ nù o. Ibi tí wọ́n kọ ni wọ́n gbé e dé.

Ká ní ìyá fojú kan bébà yẹn ni, ì bá rí i. Ó lè yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta tó tóbi jù lọ ni òpin ìrìn àjò àpótí. Ibi tí yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀ máa ń wà nítòsí rẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá wà nínú ìrìn àjò yín, orúkọ pápákọ̀ méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ti ìyá, ẹyọ kan ni. MAN kò sí níbẹ̀ rárá. Kí ẹ sì kà á dáadáa o, torí BHX ni Bámínháàmù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BHM sì ni Bámínháàmù ti Alabámà. Òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàrin lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn.

Kó tó wọ ihò ni kí ẹ sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Mansẹ́sítà ni mò ń lọ, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ dé MAN." Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á tún un tẹ̀. Bó bá jẹ́ méjì tí wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti ìyá yìí, wọ́n lè ní kò ṣeé ṣe, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. A jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jáde lọ gbẹ́rù ní Hítírò, ẹ máa gbà á kọjá lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ tún máa tò ní kọ́ńtà kejì, pẹ̀lú òṣùwọ̀n mìíràn tí ẹ óò tún bá jà. Wákàtí kan ààbọ̀ láàrin ọkọ̀ méjì kò lè gba gbogbo ìyẹn. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí àpótí rẹ̀ dúró ní orílẹ̀-èdè tí kò ní físà rẹ̀. Bẹ́líìtì ń bẹ lẹ́yìn àwọn aṣọ́bodè, wọn ò sì ní jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì nítorí ẹ̀dínwó, kó kọ́kọ́ wo ìyẹn.

Àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà ló tún wá dá tiwọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba Àtìláńtà lọ sí Húsítìnì. Ó wo bébà, ó rí IAH gbàǹgbà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ní òun ti ka ìwé. Ó dé Àtìláńtà, ó ń fi àwọn tó dúró ti bẹ́líìtì ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mọ̀ pé ní ìlú àkọ́kọ́ tí èèyàn bá ti wọ Amẹ́ríkà, òfin sábà máa ń ní kó gbé ẹrù rẹ̀, kó gbà á kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kó tún fi lé wọn lọ́wọ́, bí bébà tilẹ̀ ti dé Húsítìnì. Àǹfààní IAH yẹn ni pé, lẹ́yìn kọ́sítọ́ọ̀mù, kò ní tò ní kọ́ńtà tuntun, á kàn gbé àpótí sí ibi tí wọ́n ti ń gbà á padà ni. Bí èèyàn bá ti òkèèrè bọ̀ tó ń gba Èkó lọ sí Àbújá pẹ̀lú ọkọ̀ abẹ́lé, Èkó náà ni yóò ti gbé ẹrù rẹ̀. Tiwa kò tilẹ̀ tán síbẹ̀, torí ó tún máa wá ọkọ̀ ilẹ̀ tí yóò gbé e dé ibùdókọ̀ abẹ́lé.

Ní ti bébà kékeré ẹ̀yìn páspọ́ọ̀tù, tí àwọn kan ń já sọnù kí wọ́n tó jókòó sínú ọkọ̀, nọ́ńbà mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0071482913, 071 ń tọ́ka sí ọkọ̀ òfuurufú Ẹtiópíà, 482913 sì ni ti àpótí yẹn gan-an. Bí àpótí bá sọnù, nọ́ńbà yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí kò ní in, á máa ṣàpèjúwe àpótí dúdú fún ẹni tó ti rí ẹgbẹ̀rún àpótí dúdú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ọjọ́ 21 bá sì kọjá tí wọn ò rí i, àdéhùn Mọntiríà gbà yín láyè láti béèrè owó rẹ̀ bí ẹrù tó ti nù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n máa ní kí ẹ mú wá.

Ó wá ku àwọn gbajúmọ̀ wa tí wọn kì í já bébà ìrìn àjò èṣí kúrò lára àpótí, kí ará àdúgbò lè mọ̀ pé wọ́n ti dé JFK. Bí ẹ̀rọ bá ka ìlà dúdú tọdún tó kọjá mọ́ tòní, ó lè yà á sọ́tọ̀ fún èèyàn láti fọwọ́ yẹ̀ wò, ọkọ̀ yín kò sì ní dúró dè é. Ẹ já a kúrò. Bó bá dùn yín, ẹ fi gíláàsì bò ó, kí ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ àpótí náà dáadáa, torí àwọn sítíkà kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn náà ní ìlà dúdú tiwọn.