Ohun Tó Lé, Ti Ẹ̀yìn Ni

Iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí kò yẹ ẹni tó ń gbowó lórí àròpọ̀ àti àyọkúrò. Nírọ̀lẹ́, Ìkòtún ni mo ti máa ń wọ dánfó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí mo ti ń kọ́ ọmọdébìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan ní lẹ́sìnnì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìdímù ló sọ mí di ọ̀rẹ́ Sùdókù. Ẹ mọ eré náà: ìlà mẹ́sàn-án, òpó mẹ́sàn-án, agbo mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà 1 títí dé 9 gbọ́dọ̀ pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìkankan ò sì gbọdọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọkọ̀ tó dé Ìdímù, mo ti parí ọ̀kan. Mo wá ń fọ́nnu fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jiyàn. Ó kàn fi ìwé kan rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí mi. Sùdókù ni, àmọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní apààyàn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàpáànù ló ti wá, ìwé ìròyìn Táìmùsì ti Lọ́ńdọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005. Mo ṣí ojú ìwé kìíní, mi ò rí nọ́ńbà kankan nínú àwọn yàrá. Mo ṣí ìkejì, òfìfo ni. Kíá ni mo pè é: “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Íńkì tán lọ́wọ́ àwọn tó tẹ ìwé yìí.” Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Àṣé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Nínú irú Sùdókù yìí, wọn kì í sábà fún èèyàn ní nọ́ńbà kankan láti fi bẹ̀rẹ̀. Àgò ni wọ́n fi ń kó àwọn yàrá pọ̀ bí ẹni kó adìẹ. Ìlà wẹ́wẹ́ tó ń já lágbedeméjì ló yí àgò kọ̀ọ̀kan ká, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà kékeré kan sí igun rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni àròpọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú àgò náà. Ẹni tó bá ń wọ dánfó ní Alímọ̀ṣọ́ ti mọ àgò láìmọ̀. Bí kọ́ńdọ́ ò bá ní ṣenji, tó so ẹni mẹ́ta pọ̀ mọ́ bébà ẹgbẹ̀rún náírà kan, tó ní kí wọ́n lọ pín in tí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀, inú àgò ló kó wọn sí yẹn. Gbogbo ọkọ̀ ló mọ iye tó wà lórí bébà náà. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ló kù tí a ò mọ̀.

Mo mú ìwé náà wọ dánfó, mo fa báírò yọ. Ẹ kíyè sí i pé báírò ni mo fà yọ, kì í ṣe pẹ́ńsù. Àgò oníyàrá méjì kan wà ní ìlà òkè pátápátá, 4 ni wọ́n kọ sí igun rẹ̀. Mo kọ 2, mo kọ 2. Inú mi dùn. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó rántí pé nọ́ńbà kan náà kò gbọdọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì nínú àgò, bí kò ṣe gbọdọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà. 1 àti 3 nìkan ló lè wà níbẹ̀. Mo fi báírò ha 2 méjèèjì pa, ojú ìwé wá dà bí ibi tí ológbò ti jà.

Mo ní kí n wo gbogbo ìlà òkè náà pọ̀. Àgò mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ gba yàrá mẹ́ta láti ọwọ́ òsì, àròpọ̀ rẹ̀ 24. Èkejì ni oní-4 tí mo ti bà jẹ́ yẹn, ní yàrá kẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹ̀kẹta gba yàrá kẹfà àti ìkeje, ṣùgbọ́n ó na ẹsẹ̀ kan sí ìsàlẹ̀, ó fi tẹ yàrá keje nínú ìlà kejì. 13 ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin gba yàrá kẹjọ àti ìkẹsàn-án, 11. Mo ro wọ́n pọ̀: 24, 4, 13 àti 11. Wọ́n jẹ́ 52.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 1 títí dé 9 ni yóò wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ wọn kì í yẹ̀. 1 àti 9 jẹ́ 10, bẹ́ẹ̀ náà ni 2 àti 8, 3 àti 7, 4 àti 6. Ìyẹn 40, ó wá ku 5 tí kò ní ẹnìkejì: 45. Yorùbá ti ń bá wa yọ ọ́ láti ilé: márùndínláàádọ́ta. Tèmi tó wà níwájú mi, méjìléláàádọ́ta ni. Márùn-ún tó dín, méjì tó lé, méje ló wà láàárín wọn. Ìṣirò náà tọ́. Mo wá fi ìgboyà kọ 7 sínú yàrá kẹfà, nínú ìlà òkè gan-an.

Ní kíkọ tí mo kọ ọ́ ni mo padà sí àgò oní-24. Nọ́ńbà mẹ́ta tí kò bára wọn dọ́gba tó lè jẹ́ 24 kò ju 7, 8 àti 9 lọ. 7 kan ti wà lọ́wọ́ òsì, mo tún ti rọ́ òmíràn sí àárín. Mo wo ìwé, ìwé ń wò mí. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti lu ẹ̀gbọ́n mi ní jìbìtì lóòótọ́.

Kọ́ńdọ́ ló tú mi sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀. Ẹni mẹ́rin ni wá lórí ìjókòó wa, owó ọkọ̀ jẹ́ 500 náírà. Bó ṣe gbowó wa tán tó kà á, 2,500 ló bá. Ó tún un kà. Ó bojú wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní: “Ìjókòó yìí ò lè ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Èyí tó lé yìí, ti ẹ̀yìn ni. Ta ló sanwó fún ará ẹ̀yìn?” Màmá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọwọ́ sókè: òun ló san ti àbúrò òun tó jókòó lẹ́yìn. Kọ́ńdọ́ ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ èmi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ohun tó lé, ti ẹ̀yìn ni! 7 tí mo yọ kì í ṣe ti ìlà òkè rárá. Ìlà òkè ò lè ju 45 lọ, bí ìjókòó wa ò ṣe lè ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló na ẹsẹ̀ síta, nítorí náà yàrá tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ìlà kejì ló ni 7. Bí mo ṣe gbé 7 lọ síbẹ̀ ni ìyókù ń wó bí ògiri alámọ̀ nínú òjò. Àgò oní-13 yẹn, ọ̀nà méje ni nọ́ńbà mẹ́ta lè gbà jẹ́ 13. Ṣùgbọ́n bí 7 bá ti jáde, 6 ló kù fún yàrá méjì tó wà lókè: 1 àti 5, tàbí 2 àti 4. Àgò oní-4 ti gba 1 àti 3, nítorí náà 2 àti 4 ni. Ó wá ku 5 àti 6 fún àgò tó kẹ́yìn, wọ́n sì jẹ́ 11 géérégé. Ọ̀nà méje di ẹyọ kan, mi ò sì tíì wo ìlà kejì rárá.

Inú mi dùn débi pé nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyànà-Ìpájà la wà. Ẹ̀gbẹ́dá ti kọjá tipẹ́. Èmi gan-an ni ohun tó lé nínú ọkọ̀ náà.

Mo pẹ́ dé lẹ́sìnnì. Kí àṣẹ mi má bàa já, mo gbé ìwé náà kalẹ̀ níwájú ọmọ náà, mo ní kó wo bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe ń ronú. Mo mú ìlà karùn-ún. Gbogbo àgò tó kàn án jẹ́ 57, ó fi 12 lé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ló yọ síta lọ́tẹ̀ yìí: ọ̀kan na sókè sínú ìlà kẹrin ní ọwọ́ òsì pátápátá, èkejì na sísàlẹ̀ sínú ìlà kẹfà ní ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Mo fi báírò kọ 9 sókè, 3 sísàlẹ̀.

“Sà,” ló wí, “kí ló dé tí kì í ṣe 8 àti 4?”

Mo ní ó ṣeé ṣe. 7 àti 5 náà ṣeé ṣe. 45 kàn ń sọ iye tí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ni, kì í pín in fún wọn. Tí ẹsẹ̀ tó yọ bá wá di mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò mọ́. Ẹni tó bá gbọ́n á lọ wá ìlà tàbí agbo mìíràn.

“6 àti 6 ńkọ́, sà?”

Mo rẹ́rìn-ín bí àgbàlagbà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. “Nọ́ńbà kan kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ṣé wọ́n jọ wà nínú ìlà kan ni, sà?”

Rárá. Wọn ò jọ wà ní òpó kan, wọn ò jọ wà nínú agbo kan, àgò wọn náà yàtọ̀. Kò sí òfin tó ní kí àwọn méjèèjì má jẹ́ ọ̀kan náà. Ó wá fi ìka tẹ ìlà kẹrin hàn mí: àgò oní-24 wà láàárín rẹ̀, ó ti kó 7, 8 àti 9. Nítorí náà yàrá òkè kò lè ju 6 lọ, bẹ́ẹ̀ mo ti fi báírò kọ 9 sínú rẹ̀. Àgò tó na ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ kò ní ju yàrá méjì lọ, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 7, nítorí náà yàrá ìsàlẹ̀ náà ò lè ju 6 lọ. Nọ́ńbà méjì tí ìkankan ò lè ju 6 lọ, tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ 12? Ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún mi, kò dáhùn. Ó kàn ti pẹ́ńsù rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí mo ń padà sí Ìkòtún, kọ́ńdọ́ so èmi, ọ̀dọ́kùnrin kan àti obìnrin kan pọ̀ mọ́ bébà ẹgbẹ̀rún kan. Mo ní kí kálukú sọ ìpín rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ní 200. Obìnrin ní 500. Èmi ní 500. Ìyẹn jẹ́ 1,200, mo bá gbé ohùn sókè: àgò yìí ti fi 200 lé, ẹnìkan ń purọ́ níbí! Mo ń wo ọ̀dọ́kùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

Kọ́ńdọ́ bojú wẹ̀yìn. “Ẹ̀gbọ́n, 800 lẹ fún mi, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún kan. 300 ni ṣenji yín.”

Mo ki ọwọ́ bàpò. Bébà 200 tí mo rò pé mo ti fún un ṣì wà níbẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo sọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó lé kì í ṣe ti ẹ̀yìn rárá, tèmi ni.