Ọbẹ̀ Tó Dùn ní Ọjà Ṣábẹ̀ẹ́

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò rí fóònù rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá náwó sí ìkòkò, omi gbígbóná ni yóò fi jẹyán. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ wa lónìí, a ti tún òwe náà ṣe. A ní ọbẹ̀ tó dùn, ọ̀rẹ́ ẹnì kan ní Kútọnu ló bá wa rí i ní pọ́ọ́kú.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ọmọkùnrin kan sún mọ́ni lọ́jà, ó fa páálí dúdú yọ nínú àpò: Samsung Galaxy S23 Ultra, tuntun, ọ̀rá ara rẹ̀ kò tíì já. “Ẹ̀gbọ́n, nítorí tiyín ni o, 65,000 sééfà.” Ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá aláta nájà títí ẹnu fi gbẹ nítorí 100 sééfà kò ná èyí rárá. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ náà má lọ yí ọkàn padà.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni fóònù yìí jáde, 1,199 dọ́là ni wọ́n sì pè é ní Amẹ́ríkà, èyí tó lé ní 700,000 sééfà nígbà náà. Lóòótọ́, owó fóònù kì í pẹ́ já wálẹ̀, nítorí náà ẹ má fi iye ìjọ́sí ṣe òṣùwọ̀n. Iye àlòkù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, kẹ́ ẹ bi í ní iye tó máa fi ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ká ní ó pè é ní 250,000. Ta ni yóò wá ní tuntun lọ́wọ́, tí yóò tà á ní 65,000, nígbà tó lè rìn dé ọ̀dọ̀ alátùnṣe kó gba ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta? Bí iye “tuntun” bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àlòkù, àlòkù tí wọ́n nù mọ́ ni. Bó bá jìnnà sísàlẹ̀ rẹ̀, ayédèrú ni, tàbí ẹrù olè, tàbí èyí tí ẹni tó ni ín ti tì pa.

Ẹ wá ka ara páálí náà: 16GB àti 1TB. Ojúlówó S23 Ultra kò ju 12GB lọ. Ayédèrú nìkan ló máa ń lawọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ *#06#, IMEI onínọ́ńbà 15 yóò yọ. Bí kò bá bá ti ara páálí mu, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá sì bá a mu, ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí ẹni tó lè tẹ páálí lè tẹ nọ́ńbà. Ẹ kọ ọ́ sórí imei.info, nọ́ńbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló ń sọ irú fóònù tó jẹ́. Àmọ́ nọ́ńbà tí wọ́n dà kọ lára ojúlówó yóò kọjá níbẹ̀ náà.

Ibi ìpamọ́ ni irọ́ kì í pẹ́ sí. Ojú fóònù lè kọ 1TB, kí inú rẹ̀ má ju 16GB lọ. Ẹ kó fíìmù tó 30GB sí i, kẹ́ ẹ sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú yóò ní òun ti gbé gbogbo rẹ̀ mì, fíìmù kò sì ní ṣí.

Fóònù àtúnṣe kò burú tó bẹ́ẹ̀; orúkọ tuntun tí wọ́n sọ ọ́ ló burú. Lórí iPhone, ẹ wọ Réglages > Général > Informations, kẹ́ ẹ wo Numéro de modèle. Bó bá fi M bẹ̀rẹ̀, tuntun ni wọ́n tà á; F jẹ́ àtúnṣe ilé-iṣẹ́; N sì ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí alátùnṣe ẹ̀bá títì bá pààrọ̀ ojú àti bátìrì, M náà ni yóò ṣì máa jẹ́. Láti iPhone 12, ojú ibẹ̀ kan náà máa ń sọ bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì, ojú tàbí kámẹ́rà.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó pe owó gọbọi ló ń sọ òótọ́. Oníjìbìtì náà gbọ́ òwe. Bó bá rí i pé ojú yín ti là, yóò pe ayédèrú kan náà ní 200,000, ẹ ó sì fọkàn balẹ̀ san án.

Ohun tó ń pa wá ni pé a fẹ́ kí àna wa rí kámẹ́rà mẹ́rin lẹ́yìn fóònù níbi àríyá, bí mẹ́ta nínú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ gíláàsì lásán. 65,000 sééfà yẹn tó ra Itel tàbí Tecno kékeré, tuntun àti ojúlówó, ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè padà sí lọ́jọ́ kejì.