Àlàyé Kíkún lórí Ìbéèrè Tó Tọ́ sí Ẹni Tó Ní Ewúro Borí Bakitéríà

Ohun tí a pè ní ìbéèrè nínú àkọsílẹ̀ yìí ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bèèrè rẹ̀ lè sọ ṣáájú pé bí ìdáhùn bá rí báyìí, ìparí tí wọ́n kọ sórí síláìdì dúró, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ó wó. Ọ̀rọ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè mi ìparí náà kò sí lára ohun tí à ń wí, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ ọ́. Nípa òfin yìí, púpọ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ ní sẹ́mínà ti bọ́ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí a ó yẹ̀ wò ni irú èyí tí àwọn tó ń kọ́ nípa bakitéríà ní yunifásítì mọ̀ dáadáa. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan sá ewé ewúro, ó gún un, ó rẹ ẹ́ sínú ẹtanọ́ọ̀lù, ó sẹ́ ẹ, ó sì kán oje rẹ̀ sára àwọn pépà róbótó kéékèèké. Ó tẹ́ bakitéríà Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì sójú ágà, ó to àwọn pépà náà lé e, ó sì gbé àwo sínú ínkúbétọ̀ di ọjọ́ kejì. Níbi tí bakitéríà kò ti lè hù, òbìrí mímọ́ kan yọ yí pépà ká, ó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bauer, Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n fìdí ìlànà yìí múlẹ̀ ní ọdún 1966. Pépà ewúro mẹ́ta fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní mìlímítà 11, 14 àti 11, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 12. Pépà sípúrò fún un ní 28. Síláìdì ìkẹyìn wá sọ pé ewúro pa bakitéríà, àti pé agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ti sípúrò.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kéré lójú: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni pépà yín ṣe fẹ̀ tó?" Mìlímítà 6 ni. Láti etí òbìrí kan dé etí kejì ni à ń wọ̀n, pépà sì wà láàárín. Nítorí náà, pépà tí kò ní ohunkóhun lára pàápàá yóò ka 6. Nínú 12 yẹn, 6 péré ló jẹ́ ti ohun tó ṣàn jáde láti ara pépà.

Ta ló wá ni 6 náà? Ibí ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti dúró tàbí ṣubú. Ẹtanọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń fi sípíríìtì nu ara kó tó gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Kọ́ntíróòlù tí a nílò ni pépà tí a kán ẹtanọ́ọ̀lù nìkan sí, tí kò ní ewúro rárá, tí a sì ṣe bákan náà pẹ̀lú ti ewúro láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí àwọn pépà bá gbẹ dáadáa kí a tó tò wọ́n, ẹtanọ́ọ̀lù á ti fò lọ, kọ́ntíróòlù yóò sì ka 6. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe é, tó sì rí 9, 11 àti 10. Ìpíndọ́gba jẹ́ 10. A mọ̀ wàyí pé àwọn pépà náà ṣì tutù nígbà tó tò wọ́n. Nínú mìlímítà 6 tí ó kà sí ti ewúro, 4 jẹ́ ti ẹtanọ́ọ̀lù. Ó ku 2. Èrò tèmi ni pé sẹ́mínà tí kọ́ntíróòlù yìí kò bá sí nínú síláìdì rẹ̀ kò tíì ní ìparí kankan tí a lè jiyàn lé lórí.

Ǹjẹ́ mìlímítà 2 yẹn tilẹ̀ wà? Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi àwòrán dáhùn: ìlà kékeré tó gun orí ọ̀pá ewúro bẹ̀rẹ̀ láti 11.0 dé 13.0, ti kọ́ntíróòlù láti 9.4 dé 10.6. Àwọn ìlà náà kò kan ara wọn, ó sì ní ìyàtọ̀ ti hàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Kí ni ìlà yìí ń wọ̀n?" Ohun méjì ló sábà máa ń jẹ́. Ó lè fi bí nọ́ńbà mẹ́ta náà ṣe fọ́nká sí ara wọn hàn: ti ewúro jẹ́ 1.7, ti kọ́ntíróòlù jẹ́ 1.0. Ó sì lè jẹ́ àṣìṣe ìpíndọ́gba, èyí tí a rí nígbà tí a bá pín ìfọ́nká yẹn sí gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì iye pépà. Pẹ̀lú pépà mẹ́ta, ó di 1.0 àti 0.6. Èyí tó kúrú ni akẹ́kọ̀ọ́ wa yà. Bí ó bá ya ti ìfọ́nká, ewúro yóò bẹ̀rẹ̀ láti 10.3, kọ́ntíróòlù yóò sì dé 11.0, wọn á wọnú ara wọn. Dátà kan náà ni o.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi ojú wo ìlà kí a sì dájọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ààlà àṣìṣe ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe ìyàtọ̀ náà jẹ́ bíi 1.15. William Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ọtí Guinness ní Dublin, ló ṣí ọ̀nà ìṣirò fún irú dátà kékeré báyìí ní ọdún 1908; nínú tábìlì tó jáde láti ara iṣẹ́ rẹ̀, pépà mẹ́ta sí mẹ́ta ń béèrè pé kí a fi 2.78 sọ ọ́ di púpọ̀. Èyí fún wa ní 3.2. Ìyàtọ̀ ewúro wà láàárín 2 dín 3.2 àti 2 lé 3.2, ìyẹn láti 1.2 nísàlẹ̀ òdo dé 5.2 lókè rẹ̀. Òdo wà láàárín wọn. Dátà yìí kò sọ pé ewúro kò lágbára. Ó ní òun kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹtanọ́ọ̀lù.

Ní ti "ìdajì sípúrò", 12 nínú 28 ló bí i. Ẹ béèrè ìwọ̀n ohun tó wà lára pépà kọ̀ọ̀kan. Ti sípúrò jẹ́ máíkírógíráàmù 5. Bí ti ewúro bá jẹ́ mílígíráàmù 10, ó jẹ́ ìlọ́po 2,000. Lẹ́yìn èyí, fífẹ̀ òbìrí kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára lásán. Bí nǹkan ṣe ń yára ṣàn nínú ágà wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ sípúrò lórí àwo ni láti jẹ́rìí pé àwo náà dára: fún ẹ̀yà bakitéríà ATCC 25923, ó yẹ kó wà láàárín 22 àti 30. Bó bá bọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹni tó fẹ́ fi agbára wé agbára ní láti lọ wá ìwọ̀n tó kéré jù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń dá bakitéríà dúró nínú omi.

"Pa" náà ní ìdánwò tirẹ̀. Òbìrí mímọ́ ń sọ pé bakitéríà kò hù níbẹ̀. Ẹ ha díẹ̀ níbẹ̀ sórí ágà tuntun. Bó bá hù, kò kú.

Ìbéèrè tó kù ni ibi tí pépà mẹ́ta náà wà. Bí gbogbo wọn bá wà lórí àwo kan ṣoṣo, pẹ̀lú bakitéríà kan náà àti oje ìgò kan náà, wọ́n sọ fún wa bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe dúró ṣinṣin tó, wọn kò sọ bí ewúro ṣe rí ní ọjọ́ mìíràn. Àdánwò kan ni wọ́n, kì í ṣe mẹ́ta, ààlà 3.2 yẹn gan-an sì kéré jù. Bí ìfọ́nká bá dúró bó ṣe wà yìí, ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ mìlímítà 2 nígbà mẹ́rin nínú márùn-ún nílò bíi àwo mẹ́sàn-án fún ewúro àti mẹ́sàn-án fún kọ́ntíróòlù, pẹ̀lú bakitéríà tuntun àti oje tuntun fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń fi rúlà wọ̀n ọ́n má sì mọ èwo ni ewúro.