Alhájà Tí Mo Sọ Di Pásítọ̀

Ìwé iye owó àga ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Alhájà kan tó ní ilé-ìwé ní Ayọ̀bọ̀ níbí. Èmi káfíńtà yìí kì í jókòó kọ ìwé tuntun. Èyí tí mo kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìpájà ni mo ṣí, mo yí orúkọ òkè, mo yí iye àga, mo sì fi ránṣẹ́ kí NẸ́PÀ tó mú iná lọ.

Alhájà ní àwọn ò rí ìwé kankan. Ímeèlì dé, fáìlì ò bá a dé. Bẹ́ẹ̀ Gmail máa ń béèrè bó bá rí `I have attached` tí kò rí fáìlì. Àmọ́ Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ nítorí Alhájà, ló bá ń wò mí níran. Mo sáré fi fáìlì ránṣẹ́. Àkọọ́lẹ̀ àwọn tó jẹ ìyàwó mi lówó aṣọ ẹbí ni, pẹ̀lú èébú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìwé gidi dé, wọ́n pè mí: “Bàbá káfíńtà, ta ni Pásítọ̀?” Nínú ìpínrọ̀ kejì, Pásítọ̀ ni mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nísàlẹ̀, mo gbàdúrà kí ìjọ wọn máa gbilẹ̀. Ọjọ́ kejì Oṣù Kẹsàn-án 2025 ni mo kọ ìwé, síbẹ̀ mo ní iye náà máa dúró di 30 Oṣù Kẹfà 2025. Iye ti kú kí wọ́n tó bí ìwé. Mo ní màá kó àga dé ní ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ Ajé ni 15.

Owó ló dùn mí jù. Àga 45, ₦18,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦832,500 ló yẹ kó jẹ́. Àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ₦740,000, ti àga 40 tí ṣọ́ọ̀ṣì rà. Inú Word ni mo ya tábìlì náà sí, kì í sì í tún ìṣirò ṣe fúnra rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò o! Mo rí i pé iye tí mo fi ọ̀rọ̀ kọ bá ti nọ́ńbà mu, ọkàn mi balẹ̀. Kí ni ò ní jẹ́ kí wọ́n bára mu? Inú ìwé àtijọ́ kan náà làwọn méjèèjì ti wá. Alhájà ní iye tí mo fọwọ́ sí làwọn máa san. Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó fi ìdajì ₦92,500 tó kù kún un.

Ní báyìí, mo máa ń so fáìlì mọ́ ímeèlì kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, èyí tí mo so gan-an ni mo sì máa ń ṣí kà. Mo máa ń tẹ Ctrl+F, mo fi ń wá orúkọ oníbàárà àtijọ́ àti oyè rẹ̀, torí orúkọ nìkan ò lè mú “Pásítọ̀” jáde. Ọmọṣẹ́ mi a ka iye sókè, èmi a tẹ kakulétọ̀ láìwo àpapọ̀ tó wà nílẹ̀. Kàlẹ́ńdà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì la máa ń kọ gbẹ̀yìn. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan bọ́tìnì, kò síbi tí ìwé máa lọ.

Níjọ́ kan ọmọ náà wúkọ́. “Ọ̀gá, ẹ ní 5 Oṣù Kẹwàá lẹ máa gbé tábìlì lọ sí báńkì. Ọjọ́ Àìkú ni o. Mágàdí nìkan lẹ máa bá.”