Ẹ Kàn sí Ẹnìkejì Mi

Nínú oṣù Kẹjọ, mo fi ímeèlì béèrè ìwé kan ní ọ́fíìsì kan ní Atakpamé. Kí n tó mí kanlẹ̀, èsì ti dé: "Mo wà nísinmi títí di ọjọ́ 18. Bí ó bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ kàn sí ẹnìkejì mi." Mo kàn sí ẹnìkejì. Òun náà dáhùn wàràwàrà: òun wà nísinmi, kí n kàn sí ẹni àkọ́kọ́! Àwọn méjèèjì ti jọ lọ jẹ iṣu titun.

Ní ọjọ́ 25, mo tún kọ̀wé. Èsì àná náà ló dé: "títí di ọjọ́ 18." Ti oṣù wo? Lórí Gmail, bí a kò bá kọ ọjọ́ ìparí, èsì náà á máa lọ títí a ó fi pa á. Àánú kan ṣoṣo ni pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin ló ń dá ẹnì kan lóhùn.

Mo wọkọ̀ láti Lomé, nǹkan bíi kìlómítà 160. Mo bá ọ̀gá lórí àga.

"Ẹ kú ìsinmi, sà."

"Ìsinmi wo? Ọjọ́ 19 ni mo ti dé. Ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì."